Àkọ́rọ̀ tó tan Bàbá: ọdún méjì lórí oko àgbàdo kan lẹ́bàá Òṣogbo

Oko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò jìnnà sí Òṣogbo, ní apá ọ̀nà Ìlobùú. Éékà 3 ni gbogbo rẹ̀. Iyanrìn ló pọ̀ lójú ilẹ̀ rẹ̀, bí a bá sì gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n orúnkún, òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ pupa la máa bá. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pa omi mọ́ pẹ́. Nǹkan bí ìdajì éékà nínú rẹ̀ rọra sọ̀kalẹ̀ lọ bá odò kékeré kan, àkùrọ̀ sì ni ibẹ̀. Ẹni tó ni oko náà ti lé ní 60 ọdún. Bàbá ni mo ń pè é, òun sì ń pè mí ní Ágíríìkì, nítorí iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ láti oko dé oko láti gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn.

Ohun tí Bàbá ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn àdúgbò. Àgbàdo àkọ́rọ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àgbàdo àrọ̀kúrò nígbà tí òjò bá padà lẹ́yìn ìdáwọ́dúró oṣù kẹjọ, kí ẹ̀wà díẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló kùnà. Ó ní ojú ọjọ́ ti bàjẹ́. Èmi náà kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a wá jókòó kọ ọjọ́ sílẹ̀ la rí i pé ìkùnà kan ló bí èkejì.

Bí ọdún àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyí. Òjò ńlá kan rọ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, pẹ̀lú ìjì àti àrá. Ní ọjọ́ 11, Bàbá gbin gbogbo éékà 3. Òjò mìíràn rọ̀ ní ọjọ́ 13, àgbàdo sì hù dáadáa ní nǹkan bí ọjọ́ 17. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀run dákẹ́. Láti ọjọ́ 14 títí dé ọjọ́ 30, ẹ̀kán omi kan kò bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 17 gbáko. Nígbà tí òjò fi padà ní ọjọ́ 31, ó ju ìdajì àgbàdo náà lọ tó ti gbẹ, ikán sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èyí tó dùbúlẹ̀.

Ìdí tí èhù fi kú kò ṣòroó mọ̀. Inú hóró tí a gbìn ni èhù àgbàdo ti ń jẹun fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, gbòǹgbò rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa wá gbogbo oúnjẹ àti omi fún un, gbòǹgbò ọ̀hún kò sì tíì jìn. Ní oṣù kẹta, oòrùn lè fa omi tó tó mìlímítà 4 tàbí 5 lójúmọ́ lára ilẹ̀ àti ewéko, òkè ilẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń gbẹ, níbi tí gbòǹgbò èhù wà gan-an. Ọ̀dá bá èhù ní ọjọ́ tí ó ń já lẹ́nu ọmú, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò tún gbogbo oko gbìn. Ó ń fi irúgbìn tuntun dí àlàfo láàárín èyí tó yè, láti ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí owó irúgbìn, àmọ́ níbí ni wàhálà kejì ti wọlé. Àgbàdo àgbà ṣíji bo ti ọmọdé. Nígbà tí èyí tó yè ti gbó, èyí tí ó fi dí àlàfo ṣì tutù, Bàbá sì ń dúró kí gbogbo rẹ̀ gbẹ pọ̀ kó lè kórè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú òjò oṣù keje ni àgbàdo ti fẹ́ gbẹ, kò sì tètè gbẹ. Oṣù kẹjọ ti wọlé kó tó kó o tán. Ó tún dúró kí òjò padà kó tó ro ilẹ̀, ó wá lébìrà, kò tètè rí i, ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ló sì gbin àgbàdo àrọ̀kúrò.

Àgbàdo náà dára lójú. Mo rántí pé mo yìn ín nígbà tí mo kọjá. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni òjò kásẹ̀ nílẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ kò sì tíì yọ lórí oko náà. Irúgbìn rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń lò tó ọjọ́ 55 kó tó yọ irùngbọ̀n. Bí a bá ka ọjọ́ 55 láti ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá la máa dé. Ní ọjọ́ yẹn, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ilẹ̀ oníyanrìn ti ń fún àgbàdo lómi láìsí ẹni tó ń rọ omi sí i. Ìgbà tí irùngbọ̀n ń jáde ni àgbàdo kì í fi òùngbẹ ṣeré rárá, torí bí irùngbọ̀n bá pẹ́ kó tó jáde, àtíkè ìrùkẹ̀rẹ̀ á ti fẹ́ lọ, eyín kò sì ní í dì. Ṣùkù tí Bàbá kórè kún fún eyín ṣíṣán. Àpò 5 péré ló rí ní gbogbo oko náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ilé olùkọ́ àfẹ̀yìntì kan ní abúlé tí kò jìnnà sí oko náà. Ọkùnrin yìí ní òṣùwọ̀n òjò tirẹ̀, ó sì ti ń kọ òjò ojoojúmọ́ sínú ìwé ọmọléèwé fún ọdún 10. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Mo mú Bàbá lọ síbẹ̀ nínú ọyẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi ọ̀sán ọjọ́ kan ka ìwé náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ohun tí a ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Òjò àkọ́kọ́ nínú ọdún kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ òjò fún àgbẹ̀. A ní kí ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí òjò ọjọ́ mẹ́ta bá tó mìlímítà 20, tí kò sì sí ọ̀dá ọjọ́ 10 láàárín ọjọ́ 30 tó tẹ̀ lé e. Pẹ̀lú òfin yẹn, òjò ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún náà, tó jẹ́ mìlímítà 27 nínú ìwé, jẹ́ òjò ẹ̀tàn. Nínú ọdún 10 tó wà nínú ìwé, ọdún 4 ni òjò oṣù kẹta ti tan èèyàn bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ tòótọ́ bọ́ sáàárín ọjọ́ 21 oṣù kẹta sí ọjọ́ 22 oṣù kẹrin.

Bàbá béèrè ohun tó ń fa ẹ̀tàn náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti Sàhárà ló jókòó sórí wa. Afẹ́fẹ́ olómi láti orí òkun ń tì í padà sí àríwá díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ olómi ti dé Òṣogbo, ṣùgbọ́n kò tíì nípọn, ọyẹ́ sì tún lè tì í sẹ́yìn. Òjò ìgbà náà jẹ́ ti ìjì tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀ wá kọjá: ó lè wó ilé lápá kan ìlú, kí apá kejì má rí ju eruku lọ. Ìdí nìyẹn tí òjò tí a gbọ́ pé ó rọ̀ ní Ìgbónà nínú ìlú Òṣogbo kò fi ní í sọ ohunkóhun fún wa nípa oko ọ̀nà Ìlobùú.

Ìparí òjò náà ní òfin tirẹ̀. Bí ewéko bá ń lo nǹkan bí mìlímítà 45 ní ọjọ́ 10, òjò tí kò bá tó ìdajì ìyẹn kò lè gbé àgbàdo. A wá ìgbà ìkẹyìn nínú ọdún tí òjò ọjọ́ 10 ṣì tó mìlímítà 25. Òjò wẹ́wẹ́ tó bá rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a kò kà á sí. Èyí tó tètè parí jù nínú ìwé olùkọ́ ni ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, èyí tó pẹ́ jù ni ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá. Nínú ọdún 8 lára 10, òjò dé ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ó kéré tán. Ọjọ́ yẹn la mú. Bí èèyàn bá mú ọjọ́ tó wà láàárín, nínú ọdún 5 lára 10 ni òjò yóò já a kulẹ̀.

“Nígbà wo ni mo wá máa gbìn?” ni Bàbá bi mí. Ìbéèrè yẹn ló tú mi fó, nítorí òfin ìbẹ̀rẹ̀ tí a fi ka ìwé kò ṣe é lò lóko. Ó ń béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 30 tó ń bọ̀, àgbẹ̀ kò sì lè rí i. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ nìkan la fi í mọ̀ ọ́n. Àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ń gbé jáde lọ́dọọdún níbẹ̀rẹ̀ ọdún máa ń ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí òjò ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ó sì wúlò fún mímọ̀ bóyá ọdún náà yóò tètè tàbí pẹ́. Àmọ́ kì í ṣe oko kan ṣoṣo ló ń wò.

Nítorí náà a ṣe òfin tí ọwọ́ lè tó. A kan agolo kan tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà mọ́ òpó, níbi tí igi kò ti ṣíji bò ó. Láago 7 àárọ̀, Bàbá á ti rúlà bọ inú rẹ̀, á ka iye mìlímítà, á sì da omi náà nù. Òfin rẹ̀ ni pé kó má gbin òkè oko títí òjò mìlímítà 20 yóò fi rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí òmíràn tó ju 10 lọ sì tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òjò kejì yẹn ni ẹlẹ́rìí. Kó tó gbìn, kó fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ dé ìwọ̀n ìbú ọwọ́, kó bu erùpẹ̀ ibẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ fún un pọ̀. Bí kò bá dì mọ́ra, omi kò tíì wọ ibi tí gbòǹgbò ń lọ.

Bàbá kò fara mọ́ ọn pátápátá, ó sì ní ìdí. Àgbàdo tútù tó bá kọ́kọ́ dé ọjà ló ń pa owó. Ẹni tó bá dúró de ẹlẹ́rìí yóò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà nígbà tí owó ti wálẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ alámọ̀ràn tí ń pe irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní olórí kunkun, àmọ́ tẹ́tẹ́ tó ní èrè ló ń ta. Ohun tí a fi yanjú rẹ̀ ni àkùrọ̀. Omi ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí náà kó gbin ìdajì éékà yẹn nígbà òjò ńlá àkọ́kọ́, kí òkè tó kù dúró.

Ní ọdún kejì, mìlímítà 23 rọ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta. Bàbá gbin àkùrọ̀. Ẹni tó múlé tì í gbin gbogbo oko tirẹ̀. Bàbá pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ní, “Ágíríìkì, bí òjò yìí bá ń rọ̀ lọ báyìí, èmi àti ìwọ la jọ máa jẹ gbèsè.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 15 ló fi dá. Àgbàdo àkùrọ̀ ká ewé lọ́sàn-án, ó sì ń tú u lálẹ́, àmọ́ kò kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àparò ti wú díẹ̀ nínú rẹ̀. Ti aládùúgbò gbẹ. Mìlímítà 26 rọ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, 14 tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 12. Ẹlẹ́rìí ti dé. Ọjọ́ 13 ni Bàbá gbin òkè, ó hù dọ́gba, kò sì sí àlàfo kankan tó ń fẹ́ dídí.

Ìdọ́gba yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún ohun tó kàn. Ó ta àgbàdo éékà kan àti ààbọ̀ ní tútù láàárín ìparí oṣù kẹfà sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù keje, ó sì kó ìyókù ní gbígbẹ kí oṣù keje tó parí. Ilẹ̀ ṣófo ní àsìkò.

Fún àrọ̀kúrò, a kò wo ìgbà tí òjò máa padà mọ́. Ẹ̀yìn la ti ka á wá. A mú ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, a sì fi ọjọ́ 12 kún un, torí ilẹ̀ tó ti mumi dáadáa lè fún àgbàdo lómi tó nǹkan bí iye ọjọ́ yẹn lórí ilẹ̀ oníyanrìn rẹ̀. Ìyẹn gbé wa dé ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá. Àgbàdo ọjọ́ 90 gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ kó tó lè gbó lọ́jọ́ náà, Bàbá kò sì ní í tíì ro ilẹ̀ tán. Irúgbìn ọjọ́ 80, bí a bá gbìn ín ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, yóò yọ irùngbọ̀n ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ dáadáa, yóò sì gbó ní ọjọ́ 3 gan-an. Irúgbìn yìí kì í so tó ti ọlọ́jọ́ gígùn. Mo sọ fún Bàbá bẹ́ẹ̀. Ó ní àgbàdo kékeré tó gbó sàn ju ńlá tó kú sórí ìdúró.

Ẹ̀rù ìdáwọ́dúró oṣù kẹjọ ló kù. Àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ni, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibí sì gbà pé kò sẹ́ni tó ń gbin nǹkan kó tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀dá oṣù kẹjọ kì í ṣe irú ti oṣù kẹta. Òjò oṣù kẹfà àti keje ti kún inú ilẹ̀, ìkùukùu bo oòrùn lójoojúmọ́, ilẹ̀ kì í sì í yára gbẹ. Èhù tí ọjọ́ 10 ọ̀dá lè pa ní oṣù kẹta lè fara dà á ní oṣù kẹjọ. A fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ wò ní ọjọ́ 14. Ó dì mọ́ra. Ọjọ́ 16 ló gbin éékà 2, òjò kò sì tó nǹkan títí dé ọjọ́ 27, síbẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ló kú. Àpò 16 ló kó ní éékà méjèèjì.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára o. Ó gbin ẹ̀wà ọjọ́ 65 sí éékà tó kù ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, pé kí èso rẹ̀ gbẹ ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti lọ. Ní ọdún yẹn, òjò kò lọ. Ó rọ̀ títí di ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá. Èso ẹ̀wà di dúdú lórí igi, òmíràn tilẹ̀ hù nínú èèpo rẹ̀, nǹkan bí ìdajì sì bàjẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi èyí. Mo mú ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá tó dáàbò bo àgbàdo, mo sì fi ṣe òṣùwọ̀n fún ẹ̀wà, láìronú pé ìfẹ́ wọn yàtọ̀. Àgbàdo ń bẹ̀rù kí òjò tètè lọ. Ẹ̀wà tó ń gbẹ ń bẹ̀rù kó pẹ́ kó tó lọ. Ọjọ́ tó pẹ́ jù nínú ìwé, ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá, ló yẹ kí n ti ka ti ẹ̀wà.

Fún àwa tí a ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, ohun tí mo yí padà nínú iṣẹ́ mi kò ju mẹ́ta lọ. N kì í fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ ìgbìn kan fún gbogbo oko rẹ̀ mọ́ láìkọ́kọ́ rìn yí i ká, kí n mọ èyí tó jẹ́ àkùrọ̀ àti èyí tó jẹ́ òkè. Bí mo bá ń sọ ọjọ́ ìparí òjò, mo ń béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn kí n tó mọ èyí tí mo máa sọ, èyí tó tètè tàbí èyí tó pẹ́. Mo sì ń béèrè ọjọ́ tí ilẹ̀ máa ṣófo, torí irúgbìn tí a fi dí àlàfo ní oṣù kẹrin ló sọ àrọ̀kúrò Bàbá di oṣù kẹsàn-án.

Ọdún kẹta la wà báyìí. Bàbá ti ní kí a pín ẹ̀wà sí ìdajì méjì, ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án. Mo sọ fún un pé bí òjò bá tètè kásẹ̀, ìdajì kejì ni yóò jìyà. Ó ní òun mọ̀.